Lẹ́tà ṣíṣí sí ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́: ìwé tí adójútòfò ń dúró dè wà nínú fáìlì yín

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ẹ̀gbọ́n òṣìṣẹ́ yín tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ yín níbí, n kò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò tó yẹ kó san owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí àbúrò mi fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì mọ ara yín. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí síta ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà ní ipò tí a wà, ohun kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́: "Ìwé yín kò tíì pé." Opó tó bá gbọ́ ìyẹn á padà sílé, á tún máa tú àpótí ọkọ rẹ̀, á máa wá ìwé tí kò lè sí lọ́dọ̀ rẹ̀ láéláé.

Mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ bírókà ìnṣọ́ránsì rí, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ìwé àwọn tó ń béèrè owó. Ìdí nìyẹn tí "ìwé kò pé" kò fi tó mi. Mo fẹ́ mọ ìwé wo, ọwọ́ ta ló yẹ kó ti wá, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún ẹni náà pé òun ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí owó náà ti wá, torí àwọn kan ní ọ́fíìsì yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé àánú ni wọ́n fẹ́ ṣe wá. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, ní abala 4, ló pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kó gba ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀, kí iye tó wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan má sì dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò ní in, torí ẹ̀rí ìnṣọ́ránsì yìí wà lára ohun tí àjọ PenCom, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ń béèrè kó tó fún iléeṣẹ́ ní ìwé pé ó ń pa òfin mọ́, ìwé yẹn lẹ sì fi ń wá iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba.

Ẹ̀yin lẹ ra ìnṣọ́ránsì náà, nítorí náà ẹ̀yin ni adójútòfò mọ̀. Kò mọ ìyàwó wa. Tó bá ní ìbéèrè, bírókà yín ló ń kọ̀wé sí, bírókà á kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin á wá rán akọ̀wé kan pé kó fẹnu sọ ọ́ fún opó. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n to ohun tó kù sí lọ́kọ̀ọ̀kan ti di gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò ṣeé mú ṣiṣẹ́. Èmi ò gbà pé ìkà lẹ ń ṣe. Ó kàn jẹ́ pé nínú gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ẹni tó nílò owó náà jù lọ ni kì í rí lẹ́tà náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè nìyẹn: ẹ̀dà lẹ́tà tí adójútòfò kọ gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ẹ ò fún wa, bírókà ló padà fi ránṣẹ́. Mo gba gbogbo ìdílé tó bá wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí wọ́n béèrè lẹ́tà náà. Kí wọ́n sì bi adójútòfò nípa ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá wà lórí rẹ̀ pé: ṣé ẹ ò tíì rí i ni, àbí ẹ rí i ẹ ò gbà á? Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìwé tí wọn ò rí lè wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ bírókà láti ọjọ́ yìí, kó jẹ́ pé ẹni tó gbà á kò tíì fi ránṣẹ́. Ìwé tí wọ́n rí tí wọn ò gbà, tí ẹ bá tún gbé irú rẹ̀ kan náà lọ, wọ́n á tún dá a padà. Èmi máa ń béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì lù fún gbogbo ìwé tí a bá fi sílẹ̀, torí òǹtẹ̀ yẹn nìkan ló lè sọ ibi tí ìwé dúró sí.

Ohun márùn-ún ló wà lórí lẹ́tà tiwa. Mo fẹ́ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì sọ ẹni tó ni ín.

Ìròyìn ọlọ́pàá ni ti àkọ́kọ́, tiwa sì ni. Nígbà tí ikú bá ti ọwọ́ ìjàǹbá wá, adójútòfò máa ń béèrè rẹ̀. A ti fi ìwé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún wa sílẹ̀, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n kò dípò ti ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò wa ní Ìbàdàn kò lè kọ ọ́, torí ìpínlẹ̀ Ògùn ni ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀. Tẹ́ṣàn tó ni àgbègbè ibẹ̀, tó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wọn lọ́jọ́ náà, ló lè fọwọ́ sí i. Ó tún ní ìdí tí ìwé yìí fi ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ tiwa ju ti ẹlòmíràn lọ. Àbúrò mi ti kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ohun tí dókítà sì kọ ni pé òkú ni wọ́n gbé wá. Kò kọ ohun tó pa á, kò sì lè kọ ọ́, torí kò tọ́jú rẹ̀. Ìròyìn ọlọ́pàá ló máa dí àlàfo yẹn.

Nígbà tí ìwé náà jáde, a kà á tán kí a tó kúrò ní tẹ́ṣàn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sọ pé èrò inú bọ́ọ̀sì kú níbi ìjàǹbá, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá. Ohun tí adójútòfò ń wò níbẹ̀ ni ọjọ́ ìjàǹbá, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ olóògbé, àti bóyá òun ló wa ọkọ̀ tàbí èrò ni. Tó bá jẹ́ òun ló ń wa ọkọ̀, wọ́n á tún béèrè ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Èrò ni àbúrò mi. A bẹ ọlọ́pàá náà, ó tún ìwé tẹ̀, ó fi orúkọ sí i. Ìyẹn ti dé ọ̀dọ̀ bírókà yín báyìí, a sì ní ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀.

Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ikú. Wọ́n rí i, wọn ò gbà á. Ìwé àjọ Ètò Ìkànìyàn ni, kì í ṣe ti ọsibítù, torí náà kò sí àṣìṣe níbẹ̀; àjọ yẹn ni òfin ọdún 1992 gbé ìforúkọsílẹ̀ ikú lé lọ́wọ́, ọ́fíìsì wọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ la ti gbà á. Orúkọ ló dá a dúró. Nínú àkójọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí adójútòfò, "Rasaki" lẹ kọ. Nínú ìwé ẹ̀rí ikú, "Abdulrazaq" ló wà níbẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá èyíkéyìí mọ̀ pé orúkọ kan ni. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ adójútòfò kò lè fi ohun tí ọmọ Yorùbá mọ̀ san mílíọ̀nù náírà, n kò sì bá a wí.

Ìyàwó wa ti lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ẹnì kan náà ni gbogbo orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ìwé ìbúra yẹn jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ yín, torí kì í ṣe ìyàwó wa ló kọ "Rasaki" sínú àkójọ yín. Lẹ́tà kan ni, lórí ìwé iléeṣẹ́ yín, tó sọ pé òṣìṣẹ́ tó ní nọ́ńbà báyìí nínú àkójọ yín ni ẹni tí ìwé ẹ̀rí ikú yìí sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yín títí di ọjọ́ tó kú. Kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Ìwé ìbúra láìsí lẹ́tà yẹn, ńṣe ni wọ́n á kàn fi sínú fáìlì.

Ẹ̀kẹta ni ìwé owó oṣù tó gbà kẹ́yìn. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí owó ńlá ló wà níbẹ̀. Ìwé tí akọ̀wé yín fi ránṣẹ́ kọ owó oṣù gangan nìkan, ₦70,000. Àbúrò mi ń gba ₦45,000 fún owó ilé àti ₦35,000 fún owó ọkọ̀ lé e, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦150,000 lóṣù. Àkọsílẹ̀ báńkì rẹ̀ fi hàn, ìwé tí ẹ fi gbà á síṣẹ́ náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé tí a bá ń ka gbogbo owó oṣù ẹni, kò gbọdọ̀ dín sí àpapọ̀ owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lórí ₦150,000, owó ọdún kan jẹ́ ₦1,800,000, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ₦5,400,000. Lórí ₦70,000 tí ẹ kọ, owó ọdún kan jẹ́ ₦840,000, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ò ju ₦2,520,000 lọ. Ìwé pélébé kan ló fẹ́ gbé ₦2,880,000 lọ mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Adójútòfò ló tiẹ̀ kíyè sí i. Wọ́n ní ìwé owó oṣù àti iye tó wà nínú àkójọ orúkọ kò bára mu, kí ẹ ṣàlàyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìyẹn. Èyí tó wà nínú àkójọ ló tọ̀nà, ìwé owó oṣù ni ẹ máa pààrọ̀. Ká ní àkójọ ni ẹ ti dín owó kù láti fi dín ohun tí ẹ ń san kù ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀: adójútòfò ò ní san ju iye tí ẹ sanwó lé lórí lọ, iléeṣẹ́ yín là bá sì máa dúró dè fún ìyókù. Ìdílé tó bá ń ka lẹ́tà yìí, ẹ béèrè iye tó wà nínú àkójọ lọ́jọ́ ikú. Kì í ṣe àṣírí tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa mọ́ fún ẹni tí owó tọ́ sí.

Ẹ̀kẹrin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ní apá méjì. Ìyàwó wa ti kọ apá tirẹ̀, ó ti fọwọ́ sí i. Apá agbanisíṣẹ́ ṣófo. Ẹ kọ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ lu òǹtẹ̀ yín. Ó tán.

Ẹ̀karùn-ún ló pa wá lára jù. Wọ́n ní ká mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ wá, èyí tí wọ́n fi ń ṣàkóso ogún ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún. Ẹni tó bá ti gba ìwé yẹn rí mọ̀ ohun tó ń náni. Ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n ti ń gbà á, wọ́n á gbé ìkéde jáde, wọ́n á wá onídùúró, owó tí ilé ẹjọ́ á gbà á sì máa tẹ̀lé bí ogún ṣe tóbi tó. Oṣù á gorí oṣù. Àwọn ẹbí kan tiẹ̀ ti dìde pé ta ni kó fọwọ́ sí i, ìjà tí kò sí tẹ́lẹ̀ ti ń yọ orí.

Ṣùgbọ́n owó méjì ni àbúrò mi fi sílẹ̀, wọ́n sì ti dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, èyí tó ń kó jọ lóṣooṣù lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Fún ìyẹn, wọ́n máa ń béèrè ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, a ò sì jiyàn. A ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni owó ìnṣọ́ránsì yìí. Abala 8 òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 kan náà sọ pé adójútòfò máa san án fún ẹni tí òṣìṣẹ́ náà dárúkọ pé kí wọ́n fún. Kò di dandan kó gba inú ogún kọjá. Òfin tó ṣáájú, ti ọdún 2004, ló ní kí wọ́n san irú owó bẹ́ẹ̀ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì olóògbé, ó sì dà bíi pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń fi orí yẹn ṣiṣẹ́.

Àbúrò mi dárúkọ ẹnì kan. Mo mọ̀, torí ìyàwó wa ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ẹ fún un nígbà tí ẹ gbà á síṣẹ́: orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló kọ, ó fọwọ́ sí i, akọ̀wé yín náà fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà la ní. Ojúlówó rẹ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ò sì fi ránṣẹ́. Nígbà tí adójútòfò kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ló fẹ́ ṣe? Ó ní kí ilé ẹjọ́ sọ ẹni tí òun máa sanwó fún. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ló béèrè, ẹni tí kò yẹ ni ẹrù rẹ̀ já lé lórí. Bí ẹ ṣe ń rán wa ní kọ́ọ̀tù lórí owó yìí, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá ni. Ẹ fi ojúlówó fọ́ọ̀mù yẹn, tàbí ẹ̀dà tí ẹ lu òǹtẹ̀ pé bákan náà ló rí, ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ kúrò lára ohun tó kù.

Ìdílé tí olóògbé wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, tàbí tí ẹni tó dárúkọ ti kú ṣáájú rẹ̀, kò ní ọ̀nà àbùjá yìí. Ilé ẹjọ́ náà ni wọ́n máa lọ. Tó bá sì jẹ́ ọmọ kékeré ló dárúkọ, wọ́n á fẹ́ mọ àgbàlagbà tó máa gba owó náà tọ́jú fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó náwó sí kọ́ọ̀tù, kí ó kọ́kọ́ béèrè fún fọ́ọ̀mù yẹn ní iléeṣẹ́.

Ọ̀gá wa, ẹ ti rí i. Nínú ohun márùn-ún tí wọ́n ní ó kù lọ́wọ́ "ìdílé", ọ̀kan péré, ìròyìn ọlọ́pàá, ló jẹ́ tiwa pátápátá. A pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí méjì, a sì ti ṣe tiwa. Mẹ́ta yòókù, ọ́fíìsì yín nìkan ló lè pèsè wọn lórí ilẹ̀ ayé yìí.

Ó ku ohun kan tí kò sí lórí lẹ́tà adójútòfò, mo sì fẹ́ béèrè rẹ̀ ní gbangba: ọjọ́ wo lẹ san owó ìnṣọ́ránsì ti ọdún yìí? Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin ìnṣọ́ránsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láìsí owó, kò sí ìnṣọ́ránsì. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí i tí wọ́n ń béèrè ìwé kan lẹ́yìn òmíràn lọ́wọ́ opó, tó sì jẹ́ pé ohun tó dá ọ̀rọ̀ dúró ni pé agbanisíṣẹ́ kò tíì sanwó lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kú. Àmì rẹ̀ ni pé bí ìwé ṣe ń pé ni ìbéèrè tuntun ń jáde, tí bírókà ò sì fẹ́ sọ nọ́ńbà ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fún wa ní nọ́ńbà tiwa, nítorí náà n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí rìsíìtì. Tí owó kò bá tíì wọlé lọ́jọ́ yẹn, abala 4 òfin ìfẹ̀yìntì yẹn kan náà sọ pé agbanisíṣẹ́ tó kùnà láti san án nígbà tó yẹ ni yóò ṣètò bí ìdílé olóògbé ṣe máa rí owó wọn gbà. Nígbà náà, ẹ̀yin la máa kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ yín, a ò tún ní máa yọ adójútòfò lẹ́nu.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: lẹ́tà tó so orúkọ méjèèjì pọ̀, ìwé owó oṣù tó pé, fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ apá tiyín tí ẹ sì lu òǹtẹ̀, fọ́ọ̀mù tó dárúkọ ẹni tí owó tọ́ sí, àti ẹ̀dà rìsíìtì. Kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí bírókà papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fún ìyàwó wa ní ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ fi tì wọ́n lẹ́yìn, kó ní òǹtẹ̀ ẹni tó gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, tí adójútòfò bá ṣì ń fà á, ọwọ́ wa á mọ́ láti kọ̀wé sí àjọ NAICOM tó ń mójú tó wọn, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi wá níbẹ̀ ni bóyá gbogbo ìwé ti pé, àti ọjọ́ tó pé. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ kò fi tiyín sílẹ̀, PenCom ló máa gbọ́ tiyín.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ìfọwọ́sí ìgbowó jáde, ìyàwó wa kò ní fọwọ́ sí i kó tó rí iye tó wà lórí rẹ̀. ₦5,400,000 ni, orúkọ rẹ̀ àti àkáǹtì rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí bírókà yín pẹ̀lú nọ́ńbà ọ̀rọ̀ náà lórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n olóògbé, Ìbàdàn.